Gbólóhùn Àkọ́kọ́ Nínú Lẹ́tà Ìwáṣẹ́: Kí Ló Yẹ Kó Rọ́pò “Mo Fi Lẹ́tà Yìí Tọrọ Ipò”?

Ẹni tó bá ti polówó iṣẹ́ rí ní ìlú ńlá bí Ìbàdàn tàbí Èkó mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ímeèlì á ti tò rẹpẹtẹ lójú fóònù. Kí ó tó tẹ ọ̀kan ṣí, nǹkan mẹ́ta péré ló ń rí lára rẹ̀: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkọlé, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Orúkọ kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Àkọlé jọra wọn, torí ipò kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yẹn ló kù tí ẹnì kan fi lè yàtọ̀ sí ẹnì kejì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ ohun kan náà: “Mo fi lẹ́tà yìí tọrọ ipò…”, “Mo ń kọ̀wé láti fi ìfẹ́ mi hàn sí iṣẹ́ tí ẹ polówó…” Ohun tí àkọlé ti sọ tán ni wọ́n tún sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí gbólóhùn yẹn ti wá kò fara sin. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti kọ́ wa: àdírẹ́sì tiwa lápá ọ̀tún lókè, déètì lábẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì ẹni tí à ń kọ̀wé sí lápá òsì, ìkíni, àkọlé ní lẹ́tà gàdàgbà, lẹ́yìn náà ká kéde pé iṣẹ́ là ń wá. Ìdánwò Wáẹ̀kì ni wọ́n ń múra wa sílẹ̀ fún. Nínú máàkì 50 tó wà fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 10 jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀, 10 ti ìtò, 20 ti ìlò èdè, 10 tó kù sì jẹ́ ti sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Kò sí máàkì kankan fún bóyá ẹni tó ka gbólóhùn kìíní á fẹ́ ka ìkejì. Kò sì nílò rẹ̀, torí iṣẹ́ ẹni tó ń máàkì ìdánwò ni pé kó ka ìwé náà dé ìparí, ì báà dùn, ì báà kan. Ọ̀gá tó ń wá òṣìṣẹ́ kò bá wa ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Bí lẹ́tà tó wà níwájú rẹ̀ bá jọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ojú rẹ̀ á fò ó kọjá sórí sífíì, tàbí kó kọjá sórí ẹlòmíì.

Mo mọ̀ pé ọkàn àwọn míì kò ní balẹ̀ níbí. Wọ́n á ní ṣé kò ní dà bí àfojúdi, kéèyàn déédéé wọ inú ọ̀rọ̀ láìsọ ohun tó bá wá? Yorùbá ni wá, a máa ń kí èèyàn ká tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. Ṣùgbọ́n ìkíni ti wà níbẹ̀ kí gbólóhùn kìíní tó bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin Ọ̀gá” tàbí “Mà” tí a kọ sókè ni ìkíni. Àkọlé sì ti sọ ohun tí a bá wá. Ẹni tó bá ti ṣe méjèèjì kò jẹ gbèsè ọ̀wọ̀ kankan. Gbólóhùn kìíní di òmìnira, ó lè ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ wo? Kò sí ẹni tó ń polówó iṣẹ́ torí pé ó ní àga òfìfo nínú ọ́fíìsì. Ohun kan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó ń bá wọn kọ ìwé owó ti lọ, owó orí sì ti fẹ́ pẹ́ san. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kùnà nínú ìṣirò, àwọn òbí sì ń kó ọmọ lọ. Ọjà ń bàjẹ́ nínú sítọ́ọ̀. Lójú ọ̀gá yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ bó ṣe ń ṣí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹni yìí lè gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi? Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè yẹn ló máa ń mú un dúró. Alágbàdo tó ń kiri ládùúgbò kò ké pé “mo ń ta àgbàdo o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rà á.” “Láńgbé jinná o!” ló ń ké. Ohun tí ẹni ebi ń pa fẹ́ mọ̀ nípa àgbàdo náà ló fi ṣáájú.

Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ lóde òní. Ní nǹkan bí ọdún 1482, ọkùnrin kan tó tó ọmọ 30 ọdún ní ìlú Fulọ́rẹ́ǹsì lórílẹ̀-èdè Ítálì fẹ́ ríṣẹ́ lọ́dọ̀ Ludofíkò Sìfọ́sà, alágbára tó ń ṣàkóso ìlú Mìláànù. Leonádò da Fíńsì ni ọkùnrin náà, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ayàwòrán lẹ́yìnwá ọ̀la. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi múra lẹ́tà tó kọ sí Sìfọ́sà sílẹ̀ ṣì wà títí dòní ní ilé ìkówèésí Ambrosíánà ní Mìláànù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á rò pé ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ayàwòrán ni òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ogun ló wà lọ́kàn àwọn olórí ìlú Ítálì nígbà náà, ogun náà ni Leonádò fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti yẹ iṣẹ́ àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá nínú ṣíṣe ohun ìjà wò, òun sì ti rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé ń lò. Nítorí náà, láìfi àbùkù kan ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ fi àṣírí tòun han olúwa òun. Lẹ́yìn náà ló wá tò ó ní nọ́ńbà: afárá fúyẹ́ tó lágbára tí wọ́n lè gbé kiri, ọ̀nà tí wọ́n fi lè fa omi kúrò nínú kòtò tó yí ìlú ká nígbà tí wọ́n bá dó tì í, ọkọ̀ ogun tí wọ́n bò tí ọta kò ní wọ̀. Ó di ìgbẹ̀yìn kó tó sọ pé nígbà àlàáfíà, òun lè kọ́ ilé, òun lè gbẹ́ ère, òun sì lè ya àwòrán pẹ̀lú. Kó tó kádìí lẹ́tà náà, ó ní bí ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ òun bá dà bí ohun tí kò ṣeé ṣe, òun ṣe tán láti dán an wò níṣojú rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ ká mú níbẹ̀. Èkíní ni pé ìṣòro ẹni tó máa ka lẹ́tà ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀, ẹ̀bùn ẹni tó kọ ọ́ tẹ̀ lé e. Èkejì sì ni pé ó fi ìdánwò tì í. Àmọ́ ibì kan wà tí kò yẹ ká ti fara wé e: púpọ̀ nínú ohun ìjà tó tò sínú lẹ́tà yẹn, èrò orí ni, kò tíì ṣe wọ́n rí. Ọ̀gá òde òní á pè ọ́ wá síwájú àwọn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n á sì bi ọ́ níbi tí o ti ṣe é, ìgbà tí o ṣe é, àti ẹni tó lè jẹ́rìí sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan ká jọ tún un ṣe. Gẹ̀ẹ́sì la máa ń fi kọ ọ̀pọ̀ lẹ́tà báyìí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni màá fi kọ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn kẹ́míìsì ní Ìbàdàn polówó pé àwọn ń wá olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Ìpolówó náà ní ẹni náà á máa gba oògùn wọlé, á máa tú u jáde, á máa ka ọjà lóṣooṣù kí ohun tó wà nílẹ̀ lè bá ìwé mu, á sì máa rí i dájú pé ọjọ́ ìlò oògùn kò kọjá lórí pẹpẹ. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò. Ọ̀dọ́bìnrin kan rí i. Ó ti ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ fún ọdún méjì ní sùpámákẹ́ẹ̀tì kan. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

“Mo fi lẹ́tà yìí tọrọ ipò olùtọ́jú sítọ́ọ̀ tí ẹ polówó rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ yín tó lókìkí.”

Yọ orúkọ ipò náà kúrò, kí o wá wo ohun tó kù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dírẹ́bà lè fi ránṣẹ́, dókítà lè fi ránṣẹ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì:

“Òṣìṣẹ́ aláápọn tó ṣeé fọkàn tán ni mí, mo sì lè ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ mi.”

Èyí dà bí ẹni pé ó sàn, àmọ́ mo rò pé ó léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ó máa ń mú kí ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ti ta ọjà òun. Kò sí olè tó kọ ọ́ sí lẹ́tà pé olè lòun. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn lè sọ nípa ara wọn láìní ẹ̀rí kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Bó bá tún padà sí ìpolówó náà, tó kà á jẹ́ẹ́, á rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń dun wọ́n ju àwọn tó kù lọ. Gbogbo sítọ́ọ̀ ló ń gba ọjà wọlé, gbogbo wọn ló ń tú u jáde. Ṣùgbọ́n oògùn tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ bá ti kọjá, kò sí kẹ́míìsì tó máa rà á, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tà á. Owó tó wọlẹ̀ nìyẹn, bí ó bá sì ṣèèṣì jáde lọ, ewu ńlá ni. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè tó kàn wá ni pé: kí ló ti ṣe rí tó jọ èyí? Ní sùpámákẹ́ẹ̀tì yẹn, mílíìkì, oúnjẹ ọmọdé àti bisikíìtì ló máa ń pẹ́ jù lórí pẹpẹ. Nígbà tó débẹ̀, tuntun ni wọ́n ń kó síwájú, ti àtijọ́ a sì máa rá sẹ́yìn títí ọjọ́ rẹ̀ á fi kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò pupa kọ oṣù àti ọdún gàdàgbà sára páálí kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń wọlé. Ó tò wọ́n kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé wà níwájú, kí òun ló kọ́kọ́ jáde. Bó bá sì ti ku oṣù mẹ́ta, á sọ fún àwọn tó ń tajà kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà tó bàjẹ́ sí wà níbẹ̀: láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ti ń kó nǹkan bí páálí 40 dànù; nígbà tó máa fi pé ọdún kan, ó ti wálẹ̀ sí 6.

Ohun tó yẹ kó wà lókè lẹ́tà nìyẹn:

“Ní sítọ́ọ̀ sùpámákẹ́ẹ̀tì tí mo ń tọ́jú, ọjà tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ ń kọjá láàárín oṣù mẹ́ta wálẹ̀ láti nǹkan bí páálí 40 sí 6 lọ́dún kan, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń pé. Ìtọ́jú yìí kan náà ni mo fẹ́ fún oògùn yín, gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ tí ẹ ń wá.”

Ẹ wo bí gbólóhùn kejì ṣe gba iṣẹ́ ìkéde náà ṣe láìpariwo. Orúkọ ipò náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé kí lẹni yìí ń wá. Ẹ sì wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ pé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun kò mọṣẹ́. Kò tú àṣírí owó ilé iṣẹ́ tó ń lọ kúrò níbẹ̀. Kò pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì. Ó sọ ohun tó ṣe, bó ṣe ṣe é àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Ọ̀rọ̀ “aláápọn” tó ń wá ọ̀nà láti sọ nígbà tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì ti wà nínú rẹ̀ láìdárúkọ.

“Nǹkan bí” tó wà níwájú 40 yẹn ṣe pàtàkì fún mi. Bó bá jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ kò gún régé, kó sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà tó bàjẹ́ sí rárá, kó má ṣe dá nọ́ńbà kankan sílẹ̀. Ó lè kọ ọ́ báyìí: “Ní sítọ́ọ̀ tí mo ń tọ́jú, kò sí páálí tó ń wọ orí pẹpẹ láìjẹ́ pé mo ti fi bírò pupa kọ ọjọ́ ìlò rẹ̀ sí i lára.” Kò sí nọ́ńbà níbẹ̀, síbẹ̀ ojú ń rí i, ẹni tó ní sítọ́ọ̀ á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó ti ṣe é rí ló ń sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà irọ́ kì í pẹ́ tú. “Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé 40 ni?” ló máa tú u.

Nígbà tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé kí gbólóhùn kìíní fa ojú mọ́ra, àwọn míì máa ń gba ibòmíì lọ. Wọ́n á fi òwe bẹ̀rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu gbajúmọ̀ kan, tàbí “Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìṣirò.” Òwe náà lè dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni, ọ̀gá náà ti ka ìlà kan tán, kò sì tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yin ilé iṣẹ́ náà, pé òun ló gbayì jù ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ilé iṣẹ́ wọn jù ẹ́ lọ. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn, sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tó kan iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe: bí àpẹẹrẹ, ẹ̀ka tuntun tí wọ́n ṣí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé o ti gbé ọjà lọ sójú ọ̀nà yẹn fún ọdún mẹ́ta.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀: “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wáṣẹ́, èmi ni àkọ́bí, mo sì ní àwọn àbúrò tí mo ń tọ́.” Òótọ́ ni, ìnira náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àìní tìrẹ ló sọ fún ọ̀gá náà, nígbà tí tirẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àánú rẹ lè ṣe é, síbẹ̀ kó mú ẹlòmíì tó lè bá a ṣiṣẹ́. Ohun tó máa mú kó pè ọ́ ni kó rí ìwúlò rẹ.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé máa ń bèèrè pé kí làwọn máa kọ, nígbà táwọn kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti lọ fún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà níbì kan. Àgùnbánirọ̀ ti kọ́ ọmọ níléèwé fún ọdún kan. Ẹlòmíì ti ń bá ìyá rẹ̀ kọ ìwé gbèsè nínú ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń wá olùkọ́ ìṣirò, àgùnbánirọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Nígbà tí mo wọ kíláàsì Jẹ́ẹ̀ẹ́sì Mẹ́ta tí wọ́n fún mi kọ́, mo rí i pé ìdá ni kò yé wọn, kì í ṣe áljẹ́bírà tó wà nínú síléébù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi padà síbẹ̀ kí a tó tẹ̀ síwájú.” Kò pọ́n ara rẹ̀ lé. Àmọ́ ọ̀gá ilé ìwé tó kà á ti rí olùkọ́ tó ń wá ìdí tí ọmọ fi ń kùnà, ó sì máa fẹ́ mọ bó ṣe parí.

Ọ̀nà kan tún wà tó lágbára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ bó bá wà nílẹ̀: orúkọ ẹni tí ọ̀gá náà mọ̀, tó sì ní kí o kọ̀wé. Fi í ṣáájú, kí o so ìdí tó fi rán ọ mọ́ ọn. Gba àṣẹ lẹ́nu ẹni náà kọ́kọ́, torí ìpè kan lórí fóònù ni wọ́n máa fi wádìí rẹ̀.

Bí o bá ti kọ gbólóhùn kìíní rẹ tán, bò ó mọ́lẹ̀ kí o ka ìyókù lẹ́tà náà. Bí kò bá sí ohun tó sọnù, kò tíì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ro ti ẹlòmíì tó kàwé gba ìwé ẹ̀rí kan náà pẹ̀lú rẹ: ṣé òun náà lè fọwọ́ sí gbólóhùn yìí láìpurọ́? Bó bá lè ṣe é, padà sídìí ìpolówó náà. Kà á sókè pẹ̀lú. Bí èémí rẹ bá tán kí o tó dé àmì ìdánudúró, gé e sí méjì.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀. Níbẹ̀, ó máa ń jẹ́ fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń gbà, tàbí kí ìkéde fúnra rẹ̀ sọ bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ rí, pẹ̀lú nọ́ńbà ipò tó gbọ́dọ̀ wà lókè. Fáìlì ni lẹ́tà náà ń lọ, akọ̀wé tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ń wá ohun tó bá ìlànà mu. Kọ “Mo fi lẹ́tà yìí tọrọ ipò” síbẹ̀ bí wọ́n bá ní kí o kọ ọ́, má sì wá ọgbọ́n kún un. Bí ilé iṣẹ́ aládàáni bá fún ipò wọn ní nọ́ńbà, àkọlé ímeèlì ni kó wà, kò nílò kó wọ inú gbólóhùn kìíní. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà tí kò láyè fún lẹ́tà rárá, àpótí kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó ní kí o sọ ìdí tí wọ́n fi máa gbà ọ́. Gbólóhùn méjì tí ọ̀dọ́bìnrin sítọ́ọ̀ yẹn kọ máa wọ inú àpótí náà pẹ́kípẹ́kí, kò sì ní í yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀.